Gbólóhùn Tó Gé Sí Méjì Lọ́jọ́ Ìkínikáàbọ̀

Bí ẹ bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fi ayé mi ṣe, ohùn ni mo ń rù. Àwọn kan ń ru yanrìn, àwọn kan ń ru pákó, èmi ń gbé ohùn ẹni tó dúró síwájú lọ bá ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Èmi ni mo ń rí sí maiki, sípíkà àti ampilifáyà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tó wà lọ́nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, títí wọ́n fi ní kí n lọ sinmi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ orúkọ mi. Bàbá Sáùńdì ni wọ́n ń pè mí, àwọn ọ̀gá náà sì ti gbàgbé pé Gàníyù ni bàbá mi sọ mí. N ò bínú sí i. Orúkọ tí iṣẹ́ bá sọni máa ń pẹ́ lára ju ti ìkómọ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé, tí ẹ ń wo ìhín wo ọ̀hún pé kí ni kí n ṣe láyé yìí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. N ò ní pẹ́ lórí bí mo ṣe rí iṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san fún mi. Owó náà ò pọ̀, kò sì kéré débi tí ebi fi pa àwọn ọmọ mi. Bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan dìde láti kí àwọn ọmọ tuntun káàbọ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, lápá ibi tí àwọn bàbá ńlá wa tẹ̀dó sí nígbà tí ogun lé wọn kúrò l'Ékòó. Bàbá mi fẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Àmọ́ nínú oṣù ààwẹ̀ kan, wọ́n gbé gbohùngbohùn wá síbi wàásì àdúgbò wa. Ohùn Àfáà wa, tí ẹni tó jókòó sí ìlà kẹrin kì í gbọ́ dáadáa, wá ń dún dé etí ọ̀sà. Gbogbo èèyàn kọjú sí Àfáà. Èmi lọ dúró ti ọkùnrin tó ń yí bọ́tìnnì lẹ́yìn tábìlì, n kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣàdúrà ìparí. Ọkùnrin náà ni Ọ̀gá Sùbérù. Ìkòròdú ló ń gbé, ó ń tún rédíò ṣe, ó sì ń gbé ẹ̀rọ ohùn lọ síbi wàásì, ìpàdé àti ìsìnkú káàkiri láti Ìjẹ̀dẹ́ dé Àgbọ̀wá. Lẹ́yìn oṣù ààwẹ̀ náà, bàbá mi mú mi lọ bá a.

Ẹ gbọ́ bí Ọ̀gá Sùbérù ṣe le tó. Fún odindi ọdún kan, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Bí a bá ti to sípíkà tán, á ní, "Gàní, lọ sẹ́yìn." Iṣẹ́ mi nìyẹn. N ó rìn lọ bá ẹni tó jókòó jìnnà jù, n ó jókòó tì í, n ó sì máa fi ọwọ́ ṣe àmì fún ọ̀gá mi láti ọ̀hún. Bí mo bá ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ó fi kún ohùn nìyẹn. Bí mo bá dà á délẹ̀, kí ó dín in kù. Bí mo bá fọwọ́ méjèèjì bo etí, sípíkà ti ń han gooro nìyẹn, kí ó tètè wá nǹkan ṣe sí i. Mo jókòó ti àwọn ìyá arúgbó débi pé wọ́n ń fún mi ní gúgúrú, wọ́n rò pé ọmọ tó sọnù ni mí.

Lọ́jọ́ kan, ó sú mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ìgbà wo ni màá kọ́ iṣẹ́ gan-an?"

Ó wò mí. "Ta ni ọ̀gá rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Irọ́ lo pa. Ìyá tó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa, òun ni ọ̀gá rẹ, òun náà ni ọ̀gá tèmi. Bí òun ò bá gbọ́, a ò ṣe nǹkan kan lónìí. Lọ sẹ́yìn."

Mo lọ.

Ohun tó kórìíra jù ni kí èèyàn máa gbá maiki lórí kí ó tó sọ̀rọ̀. Á ní, "Ṣé ilẹ̀kùn ni? Ṣé o fẹ́ wọlé?" Bí èmi bá gbá a, ìfọ́tí ni. Bí olóyè bá gbá a, Ọ̀gá á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa ráhùn sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ohun kejì tó kórìíra ni ariwo. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ń pariwo sí maiki kò gbà gbọ́ pé maiki wà níbẹ̀. Mo jogún ìkórìíra yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni jogún agbádá, mo sì wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé kò bá mi mu délẹ̀.

Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ẹ̀rọ tí mo bá níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ọ̀gá Sùbérù: sípíkà ẹlẹ́nu gbòòrò mẹ́rin lórí òpó, ampilifáyà kan tó wúwo bí òkúta, àti bátìrì ọkọ̀ tí a máa ń lò bí kò bá síná. Ó burú lójú, àmọ́ bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti jí. Lẹ́yìn náà ni sípíkà alápótí dé, tí ohùn rẹ̀ tutù, tó ń gbé orin dáadáa. Maiki tí kò ní wáyà dé, tí àwọn olùkọ́ ń gbàgbé sínú àpò tí wọ́n sì ń gbé e lọ sílé. Ní ìkẹyìn, wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń po ohùn pọ̀, alákọ̀ǹpútà, tó ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ náà dára, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó mọ ohùn ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin, ó sì ń rántí bí mo ṣe tò ó lánàá. Àléébù kan péré ló ní. Bí iná bá lọ, kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ ka ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, á máa yí róbótó kan lójú, bí ọmọ tí wọ́n jí fún sààrì. Bátìrì tó yẹ kó máa gbé e ró lásìkò bẹ́ẹ̀ ti gbó, mo sì ti wí, mo ti tún un wí, pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ibi iṣẹ́ ìjọba.

Láàárín gbogbo ètò tí mo ń rí sí lọ́dún, èyí tí n kì í fẹ́ràn ni ọjọ́ ìkínikáàbọ̀ àwọn ọmọ tuntun. Ètò náà kì í yí padà. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ á ṣí i, Díìnì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sọ òfin, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó tó kan ilé-ìkàwé, ilé-ìwòsàn àti àwọn ẹ̀ṣọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n máa ń fún ààrẹ, kò sì sí ààrẹ tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó rí. Yóò kọ́kọ́ kí àwọn ọ̀gá ní ìpele-ìpele, nítorí bí ó bá ṣi ipò ẹnì kan pè, wọ́n á rántí rẹ̀ títí tí yóò fi gbàwé jáde. Yóò kí àwọn ọmọ tuntun kú oríire, yóò fi àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n, igbá-kejì rẹ̀, akọ̀wé, ẹni tó ń rí sí ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n mọ ojú ẹni tí wọ́n lè sá bá. Yóò ní kí wọ́n má fowó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá wọn yára ṣe ìwé. Yóò ní kí wọ́n ṣọ́ra fún àsè tí ẹni tí wọn kò mọ̀ bá fi ń kí wọn káàbọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ń dẹ ọmọ. Yóò sọ fún wọn pé kọ́ọ̀sì tí wọn kò bá forúkọ sílẹ̀ fún, bí wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ Fàtíhà, wọn kò ní í rí máàkì rẹ̀. Gbogbo èyí dára.

Ohun tó ń bí mi nínú ni igbe ìbẹ̀rẹ̀. Bí ààrẹ bá ti kí àwọn ọ̀gá tán, kí ó tó kí àwọn ọmọ tuntun, yóò nawọ́ sókè, yóò di ìkúùkù, yóò ké tantan: "Gírétẹ́ẹ̀sì Nàìjíríà sítúdẹ́ǹtì!" Àwọn ọmọ àtijọ́ á dáhùn pé, "Gíréètì!" Yóò tún ké e, wọn á tún dáhùn. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ké e, iná pupa á tàn lára ẹ̀rọ mi, ọkàn mi á sì já. Ọdún kan wà tí ààrẹ kan fi igbe yẹn fọ́ sípíkà kan fún mi. Àwọn ọmọ tuntun ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Lọ́dún kan, gbogbo wọn dáhùn pé "Àmín."

Ọdún tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi, ọmọ-ọmọ mi wà lára àwọn ọmọ tuntun. Rálíà lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọmọbìnrin mi, ọ̀dọ̀ mi ní Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé láti kékeré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé kí wọ́n tó mú un. Lọ́jọ́ tí orúkọ rẹ̀ jáde, ìyá rẹ̀ sunkún lórí fóònù títí owó inú rẹ̀ fi tán. Àárọ̀ ọjọ́ ìkínikáàbọ̀ yẹn, èmi àti ẹ̀ jọ wọ ọkọ̀. Nígbà tí a dé Àgbọ̀wá, mo bi í bóyá wọ́n ti yẹ ìwé rẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní síkíríìnì.

Ó ní, "Rárá, Bàbá. Wọ́n ti sún síkíríìnì síwájú. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Mo rí i lórí wọ́ọ̀sáàpù, gbogbo èèyàn ló ń fi ránṣẹ́."

"Ìwé ẹ̀rí rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú báàgì mi. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo fọkàn balẹ̀ lóòótọ́.

Mo ti to maiki tán, àwọn ọmọ ti ń kún gbọ̀ngàn, nígbà tí ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wá bá mi níbi tábìlì mi. Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀dẹ́, ọmọ tó kúrú, tó sì ń yára rìn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Sáùńdì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ nǹkan kan, kó má jáde o."

"Kí ló dé, Prẹ́sí?"

"Irọ́ ni mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó ń lọ káàkiri yẹn. Wọn ò sún síkíríìnì síwájú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì Díìnì báyìí. Aago mẹ́rin òní ló máa parí. Ẹni tí wọn ò bá yẹ ìwé ẹ̀ wò, wọ́n máa fi ipò ẹ̀ fún ẹlòmíì."

Mo wo inú gbọ̀ngàn. Rálíà jókòó láàárín, ó ń bá ọmọ kan rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Sọ fún wọn kíákíá. Gba maiki báyìí."

Ó mi orí. "Bàbá, ẹ wo gbọ̀ngàn yìí. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló ní, wọ́n sì ti pọ̀ jù. Tí mo bá kàn ní òní ló máa parí, wọ́n máa tẹ ara wọn pa. Mo ti bẹ Díìnì. Ó ti gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gba nọ́ńbà kí aago mẹ́rin tó lù, wọ́n máa dá a lóhùn, bó bá di alẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ mi ń gé bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí lọ́wọ́. Mo máa kọ́kọ́ pín wọn sí fákọ́tì-fákọ́tì, màá sọ ilẹ̀kùn tí kálukú máa gbà, kí n tó sọ fún wọn. Mo sọ fún yín kí maiki má baà gé mọ́ mi lẹ́nu níbẹ̀. Ẹ bá mi pa á mọ́ di ìgbà yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Mo sì tún mọ̀ pé ọmọ mi wà níbẹ̀. Ìpè kan péré ló gbà. Mo lè ní, "Rálíà, jáde, lọ tò síbi àyẹ̀wò ìwé," òun ni yóò sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Mo tilẹ̀ mú fóònù jáde nínú àpò. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ-ọmọ mi. Kò ní í lè dìde kí ó má sọ fún ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà á sọ fún èyí tó wà níwájú, kí Bùkọ́lá tó dórí pèpéle, gbogbo ìlà náà ti dìde. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Mo dá fóònù padà sí àpò. Inú mi kò dùn, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Inú ń bí mi sí Bùkọ́lá tó sọ ọ́ fún mi.

Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀, Díìnì sọ òfin, ó kan ààrẹ. Ó kí àwọn ọ̀gá láì ṣi ẹnì kankan pè. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sókè, mo sì yára dín ohùn rẹ̀ kù nítorí mo mọ ohun tó ń bọ̀.

"Gírétẹ́ẹ̀sì Nàìjíríà sítúdẹ́ǹtì!"

Àwọn ọmọ àtijọ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dáhùn. Àwọn ọmọ tuntun ń wo ara wọn.

Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, ẹ kọjú sí ẹni tó pè é, kẹ́ ẹ dá a lóhùn. Ìdí tá a fi ń ṣe é ni pé tá ò bá gbọ́ ara wa, kò sí ohun tá a lè jọ ṣe. Ṣé ẹ gbọ́? Ó yá."

Ó mú wọn ké e títí ó fi mọ́ wọn lẹ́nu. Èmi ń wo iná pupa, mo ń payín keke. Lọ́kàn mi, mo ní, ọmọbìnrin yìí, àkókò ń lọ, o ń kọ́ àwọn èèyàn ní ariwo.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ẹ kú oríire. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti jókòó sílé fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, tí àwọn ará àdúgbò ń bi yín pé ṣé ẹ ò tíì wọlé ni. Ẹ ti wọlé báyìí. A ò fẹ́ kẹ́nì kankan jáde lọ́nà tí ò yẹ." Ó fi àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n, kò sì jẹ́ kí wọ́n gun orí pèpéle wá. Ó ní kí kálukú wọn dúró síbi ilẹ̀kùn kí ó gbé pátákó fákọ́tì sókè. Ó ní kí àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì wo ilẹ̀kùn ọ̀tún, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ wo ti òsì, kí àwọn tó kù wo ti àárín. Wọ́n ń wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Rálíà kọjú sí ilẹ̀kùn àárín.

Bùkọ́lá ní, "Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó ń lọ káàkiri pé wọ́n ti sún síkíríìnì síwájú, irọ́ ni. Síkíríìnì máa parí lónìí, ní aago mẹ́rin, ṣùgbọ́n…"

Iná lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ronú sí i. Nínú gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ lè gé sí, ibẹ̀ ló gé sí. Apá tó ń dẹ́rù bani ti dé etí gbogbo èèyàn, apá tó ń fọkàn ẹni balẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bátìrì tí mo ti ń pariwo lé lórí kú fin-ín. Jẹnẹrétọ̀ tètè dáhùn lẹ́yìn gbọ̀ngàn, iná padà dé, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun mi ń ka ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Róbótó yẹn ń yí lójú rẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì tí èèyàn lè tẹ̀ tó máa mú un yára. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń tẹ̀ wọ́n.

Ìlà àárín dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjókòó ṣubú. Ẹnì kan ké pe ìyá rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn tó wà níwájú, mo sì rí ìborùn aláwọ̀ ewé Rálíà tó ń lọ síbi ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé e. Mo ké orúkọ rẹ̀. Èmi tó fi gbogbo ayé gbé ohùn ẹlòmíràn, ohùn tèmi kò kọjá tábìlì.

Bùkọ́lá ju maiki sílẹ̀. Ó gun àga Díìnì gan-an, nítorí òun ló sún mọ́ ọn jù, ó di ìkúùkù sókè, ó sì fi gbogbo ọ̀fun ké e: "Gírétẹ́ẹ̀sì Nàìjíríà sítúdẹ́ǹtì!"

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó tún un ké. Àwọn ọmọ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbà á. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ tuntun dáhùn, kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó pọ̀. Ẹni tó bá sì dáhùn, ó ń dúró, ó ń yíjú padà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láìpẹ́. Ẹni tó ń ti ẹlòmíràn lẹ́yìn kò lè máa tì í kó tún yíjú padà. Mo rí i tí gbogbo agbo yẹn dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ìborùn ewé yẹn dúró. Ojú Rálíà yí sí pèpéle, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ó ń pe "Gíréètì" bí ẹni tí wọ́n ti ń kọ́ láti inú oyún.

Nígbà náà ni ẹ̀rọ jí. Mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè sí Bùkọ́lá. Kò kọ́ àmì yẹn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó yé e. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó tẹ̀ ba láti gbé maiki nílẹ̀, ó mí, ó sì parí gbólóhùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti gba nọ́ńbà kí aago mẹ́rin tó lù, wọ́n máa yẹ ìwé ẹ̀ wò, bó bá di alẹ́. Díìnì ló sọ bẹ́ẹ̀, òun náà nìyí."

Díìnì, tó ti dìde nígbà tí ìdàrúdàpọ̀ bẹ̀rẹ̀, gba maiki, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó wá wo àga rẹ̀ tí ẹsẹ̀ Bùkọ́lá ti dọ̀tí, ó fi áńkáṣíìfù nù ún, ó jókòó. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tú ìyókù ìbẹ̀rù náà ká.

Wọ́n jáde ní ìlà-ìlà, sáyẹ́ǹsì lọ́tùn-ún, iṣẹ́ ọwọ́ lósì, ìyókù láàárín. Ọmọkùnrin kan fi orúnkún gbọlẹ̀, wọ́n sì fún ọmọbìnrin kan tí òòyì kọ́ lómi mu. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alùhámúdùlíláì. Mo jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ mi. Mo wo sípíkà. Mo ní nínú ara mi pé Ọ̀gá Sùbérù, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, ì bá ti bínú sí igbe yẹn, ìbínú rẹ̀ ì bá sì jẹ́ àṣìṣe. Òun àti èmi rò pé iṣẹ́ ohùn ni kí ọ̀rọ̀ dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. A ò ronú nípa ohun tó yẹ kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè dá padà. Ìgbà tí Bùkọ́lá tún kọjá níbi tábìlì mi, mo dìde fún un. Ó ní kí n jọ̀ọ́ jókòó, ojú ń ti òun.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ. Ẹ̀rọ yóò máa yí padà, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ ṣáà mọ ohun tí kò lè ṣe. Ẹ wá ọ̀gá tó le. Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá wá fẹ́ di ẹni tó ń dúró síwájú, bíi Bùkọ́lá, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bani kò gbọ́dọ̀ ṣáájú èyí tó ń fọkàn balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní òun máa tún un sọ, nọ́ńbà lòun máa kọ́kọ́ dárúkọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun màgíríbì nígbà tí Rálíà wá bá mi. Àwọn mìíràn tó jáde láti fákọ́tì rẹ̀ ti lọ sílé tipẹ́. Mo ti ń ro ohun búburú. Ó na ìwé rẹ̀ sí mi, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Bàbá, Prẹ́sí ní ẹ ti mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì rí mi níbi tí mo jókòó sí."

"Mo rí ọ."

A rìn dé ibi ọkọ̀, a wọlé, ọkọ̀ gbéra. Ó kọjú sí ojú fèrèsé. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti mú fóònù jáde. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ké orúkọ rẹ̀. Ní ìkẹyìn, ohun tí mo bi í ni pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó wà nítòsí ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tó wà níwájú. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn mi tó wá láti Ìsẹ́yìn, ó ń sunkún, ó fẹ́ bá ọkọ̀ padà lónìí. Mo fún un ní tèmi, mo gba tiẹ̀. Ẹlòmíì tún wà lẹ́yìn ẹ̀, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Bàbá, ilé tiwa ò jìnnà."